Orin Olórin Nínú Fídíò Màmá Mi

Fídíò ni mo ń gé jẹun ní Kétu. Ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó sọmọ lórúkọ, pásítọ̀ tó fẹ́ kí ìwàásù rẹ̀ dé ẹ̀yìn odi, gbogbo wọn ló ń gbé fóònù tàbí kámẹ́rà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Màá gé e, màá tò ó, màá fi orin sí i, màá sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Ẹnu mi máa ń mú lórí ọ̀rọ̀ orin, mi ò ní parọ́. Mummy kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n fi orin olókìkí kan sábẹ́ fídíò ọjọ́ ìbí òun, kí n kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé orin náà kì í ṣe tòun, òun ò sì ní in lọ́kàn láti rú òfin ẹnikẹ́ni. Mo bi wọ́n pé tí èèyàn bá fa ewúrẹ́ aládùúgbò lọ sílé, tó wá so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn pé ewúrẹ́ yìí kì í ṣe tèmi, ṣé ìyẹn ti sọ ọ́ di ẹni rere? Inú bí wọn, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa padà wá, ojúlé fídíò tí wọ́n gbé e sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti pa ohùn inú rẹ̀.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ò le. Ilé ìkówèé orin kan wà tí àwọn tó ni ojúlé fídíò náà kó jọ fún àwa tí à ń lò ó, ibẹ̀ ni mo ti máa ń mú. Tí mo bá mú níbòmíràn, mo máa ń ka àdéhùn tó wà lábẹ́ orin náà tán kí n tó fọwọ́ kàn án. Tó bá ní kí n dárúkọ ẹni tó ṣe é, màá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́. Tó bá ní kì í ṣe fún òwò, màá fi í sílẹ̀, nítorí pé ìpolówó ń wọ orí ìkànnì mi. Orin tí ẹnì kan ṣáà kọ “ọ̀fẹ́ ni” sí lára, tí mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, mi kì í gbà á gbọ́. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi, síbẹ̀ nígbà tó kan ìyá tó bí mi, mo gbàgbé.

Aṣọ ilé ìwé ni màmá mi ń rán, ní iwájú ilé wa ní Ìkòsì, lórí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Bí wọ́n bá ti ń rán aṣọ, orin ìyìn àtijọ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Wọn kì í pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, imú ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tí òwú bá já, orin á dúró. Tí wọ́n bá fi òwú náà bọ abẹ́rẹ́ tán, wọ́n á bá a lọ láti ibi tí wọ́n ti já a.

Nígbà tí wọ́n kú, àbúrò mi obìnrin wà ní Kánádà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì pé, kò sì lè wá sìnkú. Orí fóònù ló ti rí i tí wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀. Bí ìrántí ọdún kan ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó bẹ̀ mí pé kí n ṣe fídíò Mummy fún òun. Ó ní ọjọ́ Sunday yẹn, òun máa kó àwọn ọmọ òun jókòó ní pálọ̀, kí wọ́n lè mọ ìyá tó bí òun, nítorí pé èyí àbíkẹ́yìn ti ń bi òun pé báwo ni ohùn Grandma ṣe rí.

Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò tó nǹkan. Mo ní ibi tí màmá ti ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi máa ń fi ìgbátí gbọ̀ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lára ṣòkòtò ọmọ ilé ìwé: “Ọmọ ń dàgbà, owó bàbá rẹ̀ ò dàgbà.” Mo ní ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ lé mi kúrò níwájú wọn. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ, oòrùn wà lára wọn, ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Fóònù tí mo fi yà á ti bàjẹ́ nígbà náà, kò gba ohùn kankan.

Mo wá wá orin ìyìn náà kiri, mo rí i lẹ́nu ẹgbẹ́ akọrin kan tó kọ ọ́ dáadáa, mo sì nà án sábẹ́ fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ fún ara mi pé orin àtijọ́ ni, ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí a tó bí ìyá ìyá mi, ta ló kù tó máa bínú? Nígbà tí mo gbé e sókè, àmì kan yọ pé ẹnì kan ní ẹ̀tọ́ sí orin inú rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ ṣí i wò. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, irú àmì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń túmọ̀ sí pé owó ìpolówó á lọ sọ́dọ̀ olórin, àwọn èèyàn á sì máa wò ó lọ. Mo ní kí wọ́n máa kó o lọ, mo sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́jọ́ Wednesday.

Ó pè mí. Ó ní ojú fóònù òun dúdú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò lè wo fídíò yìí ní orílẹ̀-èdè òun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: “Bọ̀dá mi, Mummy náà ti di ẹni tó ń wá físà.” Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo ṣí àmì náà nígbà náà. Àṣé wọ́n ti kọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti dí fídíò náà síbẹ̀, Kánádà sì wà nínú wọn. Orin tí màmá mi fi imú kọ ní Ìkòsì kò ní olówó, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin yẹn kọ sínú ẹ̀rọ ní olówó. Ohùn tí a gbà sínú ẹ̀rọ jẹ́ ti àwọn tó gbà á síbẹ̀, bí orin náà ti wù kó gbó tó. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà, tí n ó tún máa fi ìka gbá tábìlì. Ojú tì mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ní kí n ja àmì náà níyàn, kí n ní wọ́n ti fún mi láṣẹ. Mo ní tí àwọn tó ni ohùn náà bá takú ńkọ́? Wọ́n lè ní kí wọ́n yọ fídíò náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀sùn gidi sí ìkànnì tí mo fi ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sùn mẹ́ta ló ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn nìkan kọ́. Màmá mi kì í mú àjákù aṣọ oníbàárà. Èyí tó kù, bí kò tilẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á ká a, wọ́n á fi òwú dì í, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe máa fi irọ́ gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dé Kánádà?

Mo yọ orin náà kúrò, mo fi dùùrù kan sí i láti inú ilé ìkówèé tí mo máa ń lò. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ò sì rí nǹkan wí. Àmọ́ nígbà tí mo wò ó, màmá mi dà bí obìnrin tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ. Mo pa á. Àárò wọn sọ mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a sin wọ́n lọ.

Mo pe àbúrò mi, mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní: “Ẹ jẹ́ kí n wo WhatsApp mi.” Kò pẹ́ tí ohùn kan wọlé sórí fóònù mi. Màmá ló fi ránṣẹ́ sí i nígbà tó lóyún àbíkẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ata tó wọ́n ní Mile 12, wọ́n gbàgbé láti pa fóònù, wọ́n padà sídìí iṣẹ́, wọ́n sì ń fi imú kọrin. Ó tó ìṣẹ́jú méjì. Orin tí kò ní olówó mọ́ ni, ohùn tó kọ ọ́ sì jẹ́ tiwa. Mo jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo fi orin náà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Ó bá ẹnu wọn mu díẹ̀, kò bá a mu tán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ń tẹ maṣíìnì lójú fídíò, etí ò sì gbọ́ ọ, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe nínú ohùn náà, wọn ò tẹ maṣíìnì. Mo lọ wá ohùn maṣíìnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi oríṣiríṣi ìró tọrẹ. Èyí tó dára jù, ẹni tó ni ín ní kì í ṣe fún òwò. Òmíràn wà tí ẹni tó ni ín ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá, kò bèèrè orúkọ, kò bèèrè nǹkan kan, àmọ́ maṣíìnì iná ni, ó ń kùn bí oyin. Ti màmá mi ní ibì kan tó máa ń kọsẹ̀ nínú ìyípo rẹ̀.

Maṣíìnì wọn wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ilé wa ní Ìkòsì, a ti fi aṣọ bò ó láti ọdún kan. Lọ́sàn-án Saturday, mo ṣí i, mo fi epo sí i. Mo kó àwọn aṣọ ìró màmá jáde nínú àpótí, mo so wọ́n mọ́ ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kí ariwo kẹ̀kẹ́ má baà wọlé. Òórùn kánfọ̀ ti bò wọ́n, ṣùgbọ́n tiwọn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ku onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí ẹ̀rọ orin rẹ̀ kì í sinmi. Tí orin rẹ̀ bá fi lè já wọ inú ohùn tí mo ń gbà, àmì tuntun nìyẹn. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bi mí pé ṣé ẹnì kan ń ṣàìsàn ni. Mo ní rárá, maṣíìnì Mummy ni mo fẹ́ gbọ́. Ó pa orin rẹ̀ láìtún bi mí ní ìbéèrè, òun àti oníbàárà tó wà lórí àga sì jókòó jẹ́ẹ́.

Mo gbé fóònù sórí àga, mo tẹ maṣíìnì náà. Èmi tí mi ò rán nǹkan kan rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó mọ bó ṣe ń lọ. Nígbà tó kọsẹ̀ níbi tó ti máa ń kọsẹ̀, mo wẹ̀yìn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró kí ẹ̀rọ ìkànnì yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo sì ka ohun tó kọ síbẹ̀ délẹ̀: kò rí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo fi líǹkì tuntun ránṣẹ́.

Àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, àbíkẹ́yìn ń fi imú kọ orin náà, ó ń ṣì í. Mo bi í pé ṣé ó dára. Ó ní ó dára. Ó ní àmọ́ òun rántí pé mo ti sọ fún òun pé fídíò maṣíìnì yẹn ò lóhùn tẹ́lẹ̀, òun sì mọ maṣíìnì Mummy, kì í ṣe ti ẹlòmíràn ni òun gbọ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ó dá mi dúró.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún mi.”