Lẹ́tà Tí Mo Fi Sọ Pé Adití Ni Mí

Irun ni mo ń dì fún ọmọ mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ṣàngó, nígbà tí fóònù gbọ̀n lórí itan mi. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo ti di márùn-ún, ó ku mẹ́ta. Èmi kì í gbọ́ kí fóònù dún, torí ẹ̀ ni kì í fi í kúrò lára mi. Mo nu ìpara kúrò lọ́wọ́, mo kà á. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Tanke ló kọ ọ́ ránṣẹ́: àwọn ti rí lẹ́tà mi, kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn á sì kọ ìbéèrè àwọn sílẹ̀ bí mo ṣe béèrè.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ mi fọwọ́ kan orúnkún mi lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó sì yíjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó kọ̀wé. Mo ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Kàkà kínú rẹ̀ dùn, ṣe ló tún yíjú padà, ó tẹ orí ba. Mo mọ ohun tó ń rò.

Nígbà tó ku ọdún méjì kí n jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ni àìsàn yírunyírun ṣe mí. Ara yá, etí ò yá. Wíwo ẹnu àwọn olùkọ́ àti dída ìwé ọ̀rẹ́ kọ ni mo fi parí, mo sì yege. Torí pé mo ti mọ̀rọ̀ sọ kí etí tó lọ, mò ń sọ̀rọ̀ bíi gbogbo èèyàn, ẹni tí kò mọ̀ mí ò lè fura. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Bí mo bá ń kọ̀wé wáṣẹ́, mi ò ní mẹ́nu kan etí rárá, màá kọ nọ́ńbà fóònù mi síbẹ̀, màá sì kọ́ ọmọ mi pé bí wọ́n bá pè, kó gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ilé ìtàwé kan pè lọ́dún tó kọjá. Ó gbé e, ó ní màámi ò lè bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ọmọdé ń fi fóònù ṣeré, wọ́n pa á, wọn ò sì pè mọ́. Ó sunkún títí ó fi sùn. Ó ní òun lòun ba iṣẹ́ màámi jẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ sára ògiri ilé ìwòsàn yẹn pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú fáìlì aláìsàn ní yàrá káàdì, mo ní lọ́tẹ̀ yìí, mo máa sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Ọ̀mù-Àrán, kò fara mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, ta ní ń gbé iṣu lọ sọ́jà tí yóò máa fi ibi tó rà han oníbàárà?"

"Mọ́mì, kò sí ibi tó rà. Etí ni ò gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní agídí mi ló ń gbọ́rọ̀ fún mi.

Mo kọ ọ́ pé adití ni mí, etí méjèèjì, pé mò ń sọ̀rọ̀, mo sì lè ka ẹnu díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè mí, kí wọ́n má pe fóònù. Kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀. Kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó má wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún fi kún un pé bí mo bá ń tẹjú mọ́ àgbà lẹ́nu, kí wọ́n má pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni etí mi wà. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ohun tí mo lè ṣe. Ọmọbìnrin tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Tanke bi mí bóyá kí òun fi "ẹ ṣàánú mi" sí ìparí. Mo ní rárá o, kò sí àánú nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, àwọn méjì ni mo bá nínú ọ́fíìsì: dókítà àgbà tó ni ilé ìwòsàn, àti métírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìbéèrè wà lórí tábìlì lóòótọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà gàdàgbà. Ṣùgbọ́n fèrèsé ni dókítà fi ẹ̀yìn tì. Oòrùn ń tàn wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí òjìji. Mo rí i pé irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì, ó ń sọ̀rọ̀, mi ò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Mo ronú pé kí n máa mi orí. Mo ti mi orí fún ọ̀pọ̀ èèyàn láyé yìí. Èmi, ọmọ kékeré, kí n wá ní kí àgbà dìde lórí àga rẹ̀ nínú ilé rẹ̀? Ṣùgbọ́n lẹ́tà mi ló wà níwájú rẹ̀ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Fèrèsé yẹn ò jẹ́ kí n rí ẹnu yín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Métírọ́ọ̀nù wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Dókítà mú lẹ́tà, ó wá ibẹ̀, ó kà á. Ó dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga, ó wá jókòó sí ọ̀dọ̀ ògiri. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé irunmú rẹ̀ bo ètè òkè. Ó fọwọ́ kàn án.

"Ṣé kí n lọ fá a ni?"

Mo ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀, sà. A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo dáhùn ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí aláìsàn bá sọ káàdì nù, mo ní màá fi orúkọ àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá wò ó nínú rẹ́jísítà. Wọ́n kó fáìlì ogún sílẹ̀ kí n tò ó ní nọ́ńbà, mo tò ó, mo sì fa méjì tí nọ́ńbà wọn jọra yọ fún wọn. Métírọ́ọ̀nù ló kù. Òun ò kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí i: bí wọ́n bá pe nọ́ńbà fáìlì láti wọ́ọ̀dù, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ?

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, mà. Ẹni tó ń fi etí gbọ́ nọ́ńbà náà máa ń ṣì í gbọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ, mi ò ní ṣì í."

Métírọ́ọ̀nù fa ìwé sọ́dọ̀, ó kọ nǹkan síbẹ̀, ó sì tì í sí mi. Ohun tó kọ ni pé, "Nígbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀?"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ máa fi wò mí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì kà á sókè fún ìyá ọkọ mi. Ó gbé gèlè tirẹ̀ wé mi lórí, ó ní iṣu náà tà.

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè bóyá òun á máa tẹ̀lé mi lọ, kí òun máa bá mi gbé fóònù ibẹ̀. Mo fà á mọ́ra, mo sì sọ fún un pé: "Rárá o. Wọ́n ti mọ̀, èmi ni mo sọ fún wọn. Kì í sì í ṣe ìwọ lo ba ti ilé ìtàwé yẹn jẹ́, ọkọ mi. Èmi ni mo fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ. Máa lọ ṣeré."