Ọjà Ọrún àti Ìdánwò Àtúnṣe

Ìṣirò kan ṣoṣo ló kù kí n tó gbàwé ẹ̀rí. Dìsíkíríìtì ni wọ́n ń pè é: ìṣirò àwọn nǹkan tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, ọdún kan gbáko ni màá fi dúró sí i, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta sì ni mí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa tó ti yege tirẹ̀ bá mi jókòó ní ilé-ìwé wa ní Ìlaròó. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Ó fa ìlà sínú ìwé: lọ́jíìkì àti sẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀rí àti ọ̀nà ìkànkà ní ìkejì, ìṣirò àṣẹ́kù ní ìkẹta, gíráàfù àti ìbéèrè àtijọ́ ní ìkẹrin.

“Bàbá, ọjọ́ wo lẹ ó máa fi yẹ èyí tẹ́ ẹ ti kà wò?”

“Ọjọ́ ọjà wa. Ọjà ọrún ni. Òní ni wọ́n ń ná an.”

Ó ka márùn-ún sí iwájú, ó kọ Sátidé.

“Jímọ̀ ni,” mo wí.

“Ṣebí ọrún lẹ pè é? Ẹ má tíì fìdí rẹmi lónìí o, Bàbá.”

Mo fi ìka kà á fún un: Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Jímọ̀. Márùn-ún.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ka òní mọ́ ọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré lẹ gbé.”

Mo rántí ìdánwò tó gbé mi ṣubú. Wọ́n bi mí pé ìlà mélòó ló so àmì márùn-ún tó tò tẹ̀léra pọ̀. Márùn-ún ni mo kọ.

A wá kọ ọjọ́ ọjà sílẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin: Mọ́ńdè, Jímọ̀, Túsìdeè, Sátidé, Wẹ́sìdeè, Sọ́ńdè, Tọ́sìdeè. Ọjọ́ kankan kò wá lẹ́ẹ̀mejì, ìkankan kò sì sọnù. Èyí tó tẹ̀lé wọn ni Mọ́ńdè, ọjọ́ ìdánwò.

“Mẹ́rin àti méje,” ó ní, “orí méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ pàdé.”

Ìyàwó mi tó ti dolóògbé ń ta gààrí lọ́jà yẹn, kò sì mọ̀wé. Bí ọjà bá bọ́ sí Jímọ̀, á ní, “Ó tún di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.” Èmi rò pé ó kàn ń méfò ni. N kò bi í léèrè rí títí ó fi lọ.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń pa ìwé dé, tí mò ń tún ohun tí mo kà kọ látinú orí. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n bèèrè ìlà tó so àmì mẹ́tàlá tó tò tẹ̀léra pọ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ kọ mẹ́tàlá. Mo yọ òní kúrò, mo kọ méjìlá.

Jímọ̀ tí ọjà bọ́ sí ni èsì jáde. Mo yege. Ọmọbìnrin náà pè mí: “Bàbá, ẹ kú oríire. Ṣé ẹ ka òní mọ́ ọn?”

Mo ní rárá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gba ojú ìsọ̀ ìyàwó mi kọjá. Mo dúró níbẹ̀, mo ní, “Ó tún di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.”