Ìyá Yọ́gọ́ọ̀tì Tí Wọ́n Pè Ní Òkú

"Mama Ṣíjì, na who dey cook am?"

Ìbéèrè tí Ibiere bi Moríyọ̀ nìyẹn ní ọdún tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Wọn ò tíì pẹ́ di aládùúgbò nígbà náà, nínú àgbàlá kan ní Borokiri, ní Port Harcourt, níbi tí ọkọ Moríyọ̀, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté, gba yàrá méjì sí. Ibiere bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò tí Moríyọ̀ rẹ àgbàdo sí. Ìhó kéékèèké ń yọ lójú omi bí ìgbà tí ọbẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ ìkòkò. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Omi tútù ni.

"Ta ní ń sè é?" ló tún béèrè. Èdè Pijin ni wọ́n jọ ń sọ, Moríyọ̀ sì máa ń yí i sí Yorùbá nínú orí rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Kò sẹ́ni tó ń sè é. Ó ń kan ni."

"Kí ló ń mú un kan?"

Moríyọ̀ tún wo inú ìkòkò. Láti kékeré ló ti ń ṣe ògì. Ó mọ ìgbà tí àgbàdo rọ̀ tó láti lọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó mọ̀ pé bí ògì bá ti rọlẹ̀ tán, omi orí rẹ̀, omidùn, á máa kan sí i ni. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú un kan? Kò bi ìyá rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ náà kò sì sọ ọ́.

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kó sinmi. Ìwé mẹ́fà péré ni Moríyọ̀ kà, àmọ́ bí ó bá gbá nǹkan mú, kì í tètè jù ú sílẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ó ra ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù, ó sì ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, Ṣíjibòmí ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá le fún un. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó jókòó ti ìkòkò ọ̀hún kó sì máa wò ó bí ẹni wo àlejò.

Ẹ̀dá alààyè ló wà nínú omi yẹn. Wọ́n kéré dé ibi pé ojú kò lè rí wọn, wọ́n sì pọ̀ dé ibi pé nínú ṣíbí omidùn kan, wọ́n lè ju gbogbo èèyàn tó wà ní Port Harcourt lọ. Ara èèpo àgbàdo ni wọ́n ti wá, àti ara ìkòkò. Oríṣiríṣi wọn ló jọ máa ń wọ omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó lè ba nǹkan jẹ́ wà lára wọn. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé adùn inú àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, bí wọ́n bá sì ti jẹ ẹ́, ohun kíkan ni wọ́n ń tú jáde. Bí omi ti ń kan sí i, ara àwọn tó kù kò gbà á mọ́. Wọ́n ń kú, ilé sì ń ku àwọn tó fẹ́ràn kíkan nìkan. Ìhó yẹn? Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí síta ni. Òórùn ògì, kíkan rẹ̀, pípẹ́ tó lè pẹ́ láìbàjẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún Ibiere, Ibiere pariwo, "Jesus! Mama Ṣíjì, o ti ń fi odidi ìlú bọ́ wa láti ọjọ́ yìí!"

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, Ibiere náà wá iṣẹ́ tiẹ̀: yọ́gọ́ọ̀tì. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Alakahia, tó ń tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ti gba èyí tó fi bẹ̀rẹ̀. Á po mílíìkì oníyẹ̀fun, á sè é, á jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ìka yóò fi lè gbà á mọ́ra, á wá bu ṣíbí díẹ̀ nínú yọ́gọ́ọ̀tì àná sí i, á fi aṣọ wé e sínú kúlà. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti dì. Èyí tó ń bù sílẹ̀ yẹn ni Moríyọ̀ sọ ní ìyá yọ́gọ́ọ̀tì. Orúkọ náà sì mọ́ gbogbo àgbàlá lẹ́nu.

Ní ọdún 2016, owó àgbàdo ga, ògì kò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wálé mọ́, ọkọ Moríyọ̀ sì ti fẹ̀yìn tì. Ó sọ fún Ibiere pé òun náà fẹ́ dán yọ́gọ́ọ̀tì wò. Ẹlòmíràn ì bá ro pé àwọn méjèèjì yóò jọ du oníbàárà, kó sì kọ̀. Ibiere bu ife ìyá yọ́gọ́ọ̀tì kan fún un.

"Èló ni?" ni Moríyọ̀ béèrè.

"Ta ló ń ta ìyá? Èyí tó bá kọ́kọ́ dì lọ́wọ́ rẹ, gbé ife kan rẹ̀ padà fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mi ń tọ́jú ara rẹ̀ nílé ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Mílíìkì oníyẹ̀fun ti gbówó lórí, nítorí náà wàrà màlúù ni Moríyọ̀ rà, lọ́wọ́ Zakariyya, Fúlàní kan tó ní màlúù díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ó sè é dáadáa, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bu ìyá sí i, ó wé e. Ní ìrọ̀lẹ́, omi ni. Ó fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Omi ni. Ó tọ́ ọ wò, ó sì dùn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lára màlúù. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rí bákan náà. Owó wàrà méjì ti wọlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin tò síbi ẹ̀rọ omi. Ẹnì kan bi í pé, "Mama Ṣíjì, yọ́gọ́ọ̀tì ńkọ́?"

Inú ń bí Moríyọ̀, àárẹ̀ sì mú un. "Òkú ni wọ́n bù fún mi," ló wí. "Ìyá yọ́gọ́ọ̀tì Ibiere ti kú. Mi ò mọ ohun tó ń tà fún yín."

Ibiere wà lẹ́yìn pátápátá lórí ìlà. Ó gbọ́. Ó gbé garawa rẹ̀ tí omi kò sí nínú rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í pẹ́ rìn ní Borokiri. Àwọn tó ń ra yọ́gọ́ọ̀tì lọ́wọ́ Ibiere fún àwọn ọmọ wọn lọ́nà ilé ìwé dáwọ́ dúró. Àwọn kan ní òkú ló ń tà, àwọn mìíràn fi kún un pé ó ti fa ìgbẹ́ gbuuru fún ẹnì kan. Moríyọ̀ ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń tóbi ju bó ṣe sọ ọ́ lọ. Ibiere kì í kí i mọ́.

Ọjọ́ kan, níbi tí Moríyọ̀ ti ń fọ àgbàdo, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí àgbàdo kan tó rà nígbà kan, tó rẹ ẹ́ títí tí kò kan, tó kàn ń rùn. Kò bá ìkòkò wí nígbà náà. Àgbàdo ló yẹ̀ wò, ó sì rí i pé wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa á mọ́. Kí ló dé tí kò wo wàrà?

Ó kù díẹ̀ nínú ife tí Ibiere fún un, nísàlẹ̀ fíríìjì. Ó ra mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀, ó pò ó, ó sì gba wàrà lọ́wọ́ Zakariyya. Ó sè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó pín wọn sí ife mẹ́rin. Ó bu ìyá Ibiere sí ife mílíìkì kan àti ife wàrà kan, ó bu omidùn tiẹ̀ sí ife mílíìkì kejì àti ife wàrà kejì. Ó wé àwọn tó gba ìyá Ibiere, ó gbé àwọn oní-omidùn sórí tábìlì, ó sì jókòó.

Nígbà tó ṣí aṣọ, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà kí ẹnu tó gbà. Mílíìkì tó gba ìyá Ibiere ti dì. Ó tẹ ife náà sí ẹ̀gbẹ́, kò ṣàn. Ó ń dán, ó sì kan dáadáa. Adùn inú mílíìkì ni wọ́n ti jẹ, ohun kíkan tí wọ́n tú sílẹ̀ sì ti mú kí àwọn ohun tó ń léfòó káàkiri nínú mílíìkì dì mọ́ ara wọn. Iná kọ́ ló mú un dì, ìyẹ̀fun kọ́. Àwọn tí a kò lè rí ni. Wàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bó ṣe dà á.

Ó dúró de omidùn títí di ọjọ́ kejì. Mílíìkì tó gba omidùn kan, ó sì ya, omi lọ́tọ̀, èyí tó dì lọ́tọ̀. Kò jọ yọ́gọ́ọ̀tì, nítorí ìran àwọn ti ògì àti ìran àwọn ti yọ́gọ́ọ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó kan. Wàrà tó gba omidùn kò kan. Ìran méjì tí kò mọ ara wọn rí kọ wàrà kan ṣoṣo.

Ó gun ọ̀kadà lọ bá Zakariyya.

"Zakariyya, kí lo fún màlúù tí wàrà mi ti ń wá?"

"Ah, Màmá, koríko ni o. Kí ni màlúù tún ń jẹ?"

"Mi ò bi ọ́ ní oúnjẹ. Ṣé ara rẹ̀ yá?"

Zakariyya fọwọ́ họ orí. "Ọmú rẹ̀ wú. Wọ́n ṣì ń gún un lábẹ́rẹ́, ó ti ń san. Wàrà rẹ̀ funfun, ẹ ti rí i fúnra yín."

Abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ó ti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù bọ́ sínú ọmú, ó sì bá wàrà jáde. Iná tí Moríyọ̀ fi sè é kò pa oògùn náà. Òun tó ní ojú kò rí nǹkan kan nínú wàrà yẹn, ahọ́n rẹ̀ kò tọ́ nǹkan kan wò, àmọ́ àwọn tí kò lójú tí kò lẹ́nu ti mọ̀, wọ́n sì kú lórí ohun tí wọ́n mọ̀. Òun ló wá sọ pé wọ́n ti kú kí wọ́n tó dé inú wàrà.

Ó padà sílé, ó gbé ife tó dì, ó kan ilẹ̀kùn Ibiere.

Ibiere wo ife náà, kò na ọwọ́. "Kí nìyẹn?"

"Ọmọ rẹ ni. Ó yè. Màlúù ló gba abẹ́rẹ́, wàrà mi ló pa àwọn èyí tó kú."

Ibiere jókòó lórí àpótí. Ó ní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́, òun kò ṣe tuntun, iná NEPA lọ, èyí tó kù nílẹ̀ hu olú, òun dà á nù. Òun ra ti ilé ìtajà ní Rumuokwuta kí òun fi ṣe ìyá. Kò dì, torí pé wọ́n ti fi iná pa ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e sínú ike. Obìnrin Alakahia sì ti kó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà.

Moríyọ̀ wo ife ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìran yẹn nìyí. Ó fi ọwọ́ kejì di ìsàlẹ̀ ife náà mú.

Ibiere gbé mílíìkì kaná. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, ó gba ife náà, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, ó rò ó, ó wé e sínú kúlà. Kò tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ife mi ti pé," ló wí. "Gbèsè tí ẹnu rẹ jẹ níbi ẹ̀rọ omi ńkọ́, Mama Ṣíjì?"

Àsìkò omi ni. Moríyọ̀ gbé garawa, ó jáde lọ dúró níwájú ìlà, ó gbé ohùn sókè, ó sì jẹ́wọ́ bó ṣe jẹ́, láìyọ abẹ́rẹ́ kúrò, láìyọ ìbínú ara rẹ̀ kúrò. Àwọn kan gbọ́, wọ́n padà sọ́dọ̀ Ibiere. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n pọn omi wọn lọ. Títí di òní, bí ó bá rí ọmọ tó gba iwájú ilé Ibiere kọjá láìyà, Moríyọ̀ máa ń dá a dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò tíì san gbèsè náà tán.