Nígbà Tó Bá Rọ̀ Yín Lọ́rùn

Ìró àkọ́kọ́ tí Mùhúdíìnì rántí láyé ni ti ẹ̀gbà bàbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń kan etí abọ́ tánganran. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, ní Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, Àsàmáù, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣa òkúta inú ìrẹsì tó fẹ́ sè tà fún àwọn ọmọ iléèwé, ẹ̀gbà á sì máa dún: kẹn, kẹn, á dákẹ́ díẹ̀, kẹn. Bí ìró náà bá ti dákẹ́ pátápátá, ọmọ náà ti mọ̀ pé ìyá òun ṣe tán, ó kù díẹ̀ kó wá jí òun.

Ọmọ náà ti di ẹni tó ń hu ewú báyìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Nkololoun, ní Douala, lábẹ́ páánù kan tí òjò ìlú náà ti lù títí tó fi dípẹtà. Ó ti pẹ́ tó fi ẹsẹ̀ kan ilé kẹ́yìn. Nígbà tí bàbá wọn kú, Sàlísù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ sí i títí, kò lọ. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ló ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kò ní jẹ́ kí òun padà wọlé. Ìtìjú kò jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ ló sọ. Láti ọjọ́ náà ni Sàlísù kò ti gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ Sàlísù ni ìyá wọn sì ń gbé, kò ní fóònù tirẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ aláṣọ, tó máa ń ti Ìsẹ́yìn kó òfì wá sí Douala, ló mú ìròyìn wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó kí Mùhúdíìnì títí, ó bi í léèrè iṣẹ́, ó bi í léèrè òjò. Mùhúdíìnì mọ̀ pé ẹni tó bá ń kí èèyàn pẹ́ báyẹn, ẹrù wà lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn obìnrin náà wolẹ̀, ó ní ìyá kò dìde mọ́, omi ẹ̀kọ nìkan ló ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, orúkọ Mùhú ló sì ń pè ṣáá.

Lọ́jọ́ náà Mùhúdíìnì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ara fóònù fi gbóná. Sàlísù kò gbé e. Ó bá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ. Ohun tó tẹ̀ ni pé: *Bọ̀dá, inú ń bí mi sí yín gan-an. Ẹ ti fìyà jẹ mí tó. Ìyá yín nìkan kọ́, ìyá tèmi náà ni. Ẹ gbé fóònù sí wọn létí kí n gbọ́ ohùn wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ padà máa bínú lọ.*

Ó kà á, ó tún un kà. Ta ló ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ báyẹn? Bí Sàlísù bá rí i, yóò ti ilẹ̀kùn náà pa títí ayé.

Precious, ọmọbìnrin tó ń ta ìbòrí fóònù ní ìsọ̀ kejì, ní ohun kan nínú fóònù tó máa ń bá a kọ̀wé. Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ìkíni lọ, Faransé ló fi ń bá Mùhúdíìnì àti ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Mùhúdíìnì ti rí i tó fi kọ ìwé sí onílé tí ọkàn onílé fi rọ̀. Ó lọ dúró tì í, ó ní kó bá òun sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ kó ṣe ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀.

“Ọ̀rọ̀ wo, Tonton?” ni Precious bi í, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ kan ni. Ìwọ ṣáà ní kó fi ọ̀wọ̀ sí i.”

Precious rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé òun ṣe tán, ṣùgbọ́n òun kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Kí wọ́n fi í hàn òun, kí wọ́n sì sọ ẹni tó ń lọ bá: ọ̀gá ni àbí ọ̀rẹ́, àgbà ni àbí ẹgbẹ́, nítorí ohun tó jẹ́ ọ̀wọ̀ lójú ẹnì kan lè má jẹ́ ọ̀wọ̀ lójú ẹlòmíràn.

Precious nawọ́ gba fóònù Mùhúdíìnì. Mùhúdíìnì ti fóònù náà bọ àpò. Wọ́n kì í tú inú ẹbí síta lójú ọjà. Kí ọmọ yìí wá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kì í gbé ìpè òun? Kí ẹ̀rọ wá mọ̀ ọ́n?

“Sọ fún un pé ẹni pàtàkì ni. Kò nílò ju ìyẹn lọ.”

“Tonton, tí mo bá ní kí ẹ tún machine mi ṣe, tí mi ò gbé e wá ńkọ́?”

Mùhúdíìnì ní kó má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kó tẹ̀ ẹ́. Precious tẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí èsì wá ní Yorùbá. Ẹ̀rọ náà fún un ní ìlà mélòó kan, ó fi àlàfo sáàárín fún ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi Faransé kọ ọ́ pé bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tí kò sún mọ́ni lòun ṣe kọ èyí. Bí ó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí ni, ó lè tutù jù, kí wọ́n sọ fún òun kí òun tún un ṣe. Precious ka ìyẹn náà fún un. Ó wo ojú rẹ̀.

“Ṣé mọ̀lẹ́bí ni?”

“Ó ti tó,” ni Mùhúdíìnì wí. “Fi ránṣẹ́ sí mi.”

Ó dí àlàfo náà fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ: *Ẹ kú àsìkò yìí. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí sí yín lórí ọ̀rọ̀ ìyá wa. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè dá mi lóhùn nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Mo dúpẹ́ fún sùúrù yín.*

Nígbà tó kà á, ó dà bí aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò sí ibi tí èèyàn lè fà ya níbẹ̀. Àmì pé Sàlísù ti kà á yọ kíákíá. Kò dáhùn. Ilẹ̀ mọ́, kò dáhùn. Mùhúdíìnì kò tún pè, nítorí ó ti sọ pé nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí òun bá pè báyìí, òun ti ba ọ̀wọ̀ tí òun fi lélẹ̀ jẹ́. Ó ń tú ẹ̀rọ, ó ń tò ó, etí rẹ̀ wà lára fóònù. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, èsì dé. *Ẹ ní kí n dáhùn nígbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó ti rọ̀ mí lọ́rùn báyìí. A sin wọ́n lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.*

Bẹ́ńsíkíìnì kan, ọ̀kadà wọn níbẹ̀, ń fun fèrè lójú títì. Mùhúdíìnì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sàlísù sì gbé e, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

“Ta lẹ kọ ìwé yẹn sí?” ni Sàlísù bi í. “Mo jókòó tì wọ́n, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ fún ara mi pé, jẹ́ kí Mùhú bú mi. Jẹ́ kó pè mí ní ìkà. Tó bá ti bú mi báyìí, mo máa pè é, mo máa gbé e sí wọn létí. Ìwé tí wọ́n ń kọ sí ìjọba lo kọ sí mi.”

“Bọ̀dá, mo ti bú yín. Mo ti kọ ọ́. Mi ò fi ránṣẹ́ ni.”

Sàlísù ní ìyá wọn béèrè rẹ̀ títí dé òpin. Ó ní òun sọ fún wọn pé Mùhú ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ìpè náà já, kò sì sí ẹni tó tún pe ẹnì kejì.

Precious ti gbọ́ ẹkún Mùhúdíìnì láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó wá, ó dúró, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Yorùbá nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó sọ “assia”, ọ̀rọ̀ ìbákẹ́dùn wọn níbẹ̀, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀.

Mùhúdíìnì palẹ̀ mọ́, ó rìn lọ sílé ní Bépanda. Kò tan rédíò. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́, ó gbé abọ́ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta rẹ̀. Kò sí ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ó gbọn ọwọ́, ó sì gbé ìrẹsì náà wọlé lọ fọ̀.