Orúkọ Tí Ìyàwó Ò Gbọdọ̀ Pè

Nígbà tí tẹlifóònù Ìlọrin ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú, èmi ni akọ̀wé tó ń gba yàrá sílẹ̀ fún àwọn àlejò tó bá ń bọ̀ lọ́pọ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Post Office. Òfin wa ò ṣòro. Ẹ san ìdajì owó ká tó di yàrá mú. Ẹ kó orúkọ wá lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí aago mẹ́rin tó lù, ẹ sọ iye ẹni tó ń bọ̀ gan-an. Yàrá tí ò bá ní orúkọ nígbà yẹn, a ó tà á, àsansílẹ̀ rẹ̀ á sì di tiwa. Mo fẹ́ràn òfin yìí ju oúnjẹ lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún gọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyàwó ilé kan láti ẹ̀yìn Ọjà Tuntun wá gba yàrá méjìlá, ẹlẹ́ni méjì-méjì. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Kano àti Èkó fún wàlímọ̀, ìjì sì ti ká òrùlé ilé wọn. Ó san ìdajì, mo fún un ní rìsíìtì. Ìgbà tó kó ìwé orúkọ dé, mo kà á: Akọ̀wé. Ìbàdíàrán. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Eyínfúnjowó.

“Ta ni Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́?”

“Àbúrò ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.”

Mo ní eyín funfun kì í gba kọ́kọ́rọ́ yàrá, orúkọ ló ń gbà á. Ọkọ rẹ̀ tí ì bá pè wọ́n wà lójú ọ̀nà Maiduguri pẹ̀lú tírélà.

“Bí ẹ bá ta àwọn yàrá yẹn,” ó ní, “èmi ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nìyí.”

Mo fún un láyè títí di ọjọ́ gbèdéke, bí ẹni ń ṣe sàráà.

Lọ́jọ́ náà, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ó mú ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé. Ìyá ń pe àwọn ọmọ ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kọ. Mo ní kí wọ́n sọ iye gbogbo wọn.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,” ni ìyá wí.

Mo jí wọn kà bí olè. Méjìlélógún. Yàrá kan ò tíì ní orúkọ, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

“Kọ èmi àti ìyàwó yìí sí i.” Ìyá sọ orúkọ tirẹ̀.

“Ti ìyàwó ńkọ́, mà?”

Ìyá la ẹnu. Ó wo ìyàwó náà, ó tún pa ẹnu dé.

“Ìyàwó la máa ń pè é,” ó ní.

Ọdún mẹ́rin ló ti lò nílé wọn. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ìyá ò mọ̀wé. Ó ní kí n kà á fún òun.

Mo kà á.

“Tún un kà,” ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo tún un kà. Aago mẹ́rin ti kọjá, mi ò sì wo aago.