Bí Mo Ṣe Gbẹ̀san Irun Mi Lára Onídìrí

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí àwọn aṣọ́bodè kó ẹrù onídìrí mi. Mi ò ní purọ́. Mo dúró sí òdìkejì títì ní Ìlaró, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé páálí rílásà tó fi ń na irun jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ti bodè nígbà náà, wọ́n ń wá ẹrù fàyàwọ́ láti Kútọnu kiri. Èmi ni mo lọ júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wọn.

Irun mi ló fà á. Kì í ṣe ojú kan ló ti ń re. Gbogbo orí ló ń fẹ́lẹ́, èyí tó kù gbẹ, ó sì ń ṣẹ́ bí kóòmù bá ti kàn án. Mo lọ bá onídìrí náà, mo ní ayédèrú rílásà ló fi ṣe mí.

Ó fọwọ́ tú orí mi wò. "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí rílásà bá kàn ló ń bàjẹ́. Ẹ wo irun òkè ojú yín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti re, mi ò sì fi nǹkan kan ibẹ̀ rí. Bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n tèmi nìyẹn. Wọ́n ní táírọ́ìdì ni, nǹkan kékeré tó wà níwájú ọ̀fun. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

Mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti rù hangogo, ó ń làágùn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Èmi ńkọ́? Mò ń sanra láìjẹun, mò ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan! "Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ, kí la fi jọra?" Mo pòṣé, mo ní yóò rí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá àwọn aṣọ́bodè.

Ṣọ́ọ̀bù pa dé, onídìrí kúrò nílùú. Ó tọ́ sí i, mo wí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Àmọ́ oṣù mẹ́rin kọjá tí rílásà ò kan orí mi, irun ò yéé re. Ohùn mi há, ó ń rẹ̀ mí ṣáá. Ti àárẹ̀ yìí ni mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó tẹ ọ̀fun mi wò, ó fa ẹ̀jẹ̀. Táírọ́ìdì mi ń falẹ̀.

Mo rántí ẹ̀gbọ́n onídìrí. "Dókítà, ẹni tó rù, tí ooru ń mú ńkọ́?"

"Tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù nìyẹn. Kó falẹ̀, kó sáré, irun lè re."

Yéè! Ó fún mi lóògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa lò láràárọ̀ kí n tó jẹun, ó ní irun á pẹ́ kó tó padà.

Ó padà lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Mo wá onídìrí náà lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, mo bá a tó jókòó lásán níwájú ilé ìyá rẹ̀. Èmi àgbà kúnlẹ̀, mo ṣí gèlè, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó wo orí mi títí.

"Irun yín ti hù, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́?"