Poro Mẹ́fà Etí Ọ̀nà

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Tẹjúmọ́lá Ọ̀ṣuntókun fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìwé orúkọ kì í purọ́: ẹni tó wá, wá; ẹni tí kò wá, kò wá. Bó ṣe fẹ̀yìn tì sí ilé rẹ̀ ní Bódìjà, ó ra éékà mẹ́jọ sẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé, lójú ọ̀nà Àkùfọ̀, ó ní òun ó máa dá oko àgbàdo. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gbà fún poro rínrìn mọ́. Ó wá gba alámòójútó oko.

Mùstàfá lórúkọ ọkùnrin náà, ọmọ àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Owó oṣù kan náà ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn lé lórí, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn, àgbàdo ì báà kún abà tàbí kó má kún un. Oṣù kejì ni ọkàn Bàbá Ọ̀ṣuntókun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Báwo lèèyàn ṣe jókòó sí Bódìjà tí yóò mọ̀ bóyá wọ́n ń roko lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé? Ló bá gbé ọgbọ́n ilé-ìwé kalẹ̀: kí Mùstàfá máa fi fọ́tò oko ránṣẹ́ sórí fóònù òun láago méje, láago méjìlá àti láago mẹ́rin.

Ohun kan tí Bàbá kò béèrè ni bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Kò sí. Orí àpáta kan ni Mùstàfá máa ń gùn lọ kí fọ́tò tó lè jáde, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, ogún ní àbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé wákàtí méjì nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan ló ń lọ sórí jíjẹ́rìí pé òun ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún náà, òjò dá gẹ́lẹ́ nígbà tí àgbàdo fẹ́ yọmọ. Bàbá ń retí ọgọ́ta àpò, mọ́kàndínlógún ló rí. Lọ́jọ́ tó wá wò ó, aago mọ́kànlá, ó bá Mùstàfá tó sùn sábẹ́ igi kaṣú. Bàbá kò bi í pé aago mélòó ló ti jí. Níwájú àwọn lébìrà mẹ́fà ló ti sọ fún un pé, “Owó mi lo fi ń ra oorun. Kó ẹrù rẹ.”

Luke ló gbà rọ́pò rẹ̀. Ọmọkùnrin yìí mọ fọ́tò yà! Kì í pẹ́, kì í yẹ̀. Ewé tútù, ilẹ̀ mímọ́, òun fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ọkọ́. Bàbá ń fi fọ́tò náà han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó ní, “Ẹ wo oko lọ́wọ́ ọmọlúàbí.” Òjò sì rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Nígbà tí ìkórè dé, Luke pè é pé àpò méjìlélógún ni.

“Méjìlélógún kẹ̀?”

“Òjò ló pọ̀ jù, Dádì.”

Bàbá ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Inúolúwa, gbé òun lọ. Nígbà tí wọ́n dé oko, poro mẹ́fà tó wà létí ọ̀nà mọ́ bí ẹni gbálẹ̀. Inúolúwa wọ inú poro keje, koríko sì bò ó dé itan.

“Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí n ya fọ́tò ibí fún yín?”

 Bàbá ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń yin àgbàdo nínú oko kejì. Oko Àlájà Sìlífátù ni, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. Ààlà nìkan ló wà láàárín oko wọn. Bàbá fi ọ̀pá wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀, Inúolúwa tẹ̀ lé e. Àpò tò bí ògiri. Mùstàfá ló ń ran ẹnu àpò, àwọn lébìrà mẹ́fà ọjọ́sí ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Tíṣà,” ni Àlájà wí lórí àpótí tó jókòó lé. “Ẹ wá kí wa kú iṣẹ́ tàbí ẹ wá pe orúkọ wa nínú ìwé?”

“Mélòó lẹ rí, Àlájà?”

“Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, a kò tíì parí.”

“Lórí éékà mélòó?”

“Mẹ́jọ ni tèmi náà. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà.”

 Ìbéèrè tó yẹ kó ti béèrè lésìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ẹnu rẹ̀. “Lésìí tí òjò kọ̀ ńkọ́? Kí lẹ rí?”

“Ẹ má rán mi létí. Mọ́kànlá. Alámòójútó mi ìgbà yẹn ní òjò ni, mo gbà, àfìgbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀yin rí mọ́kàndínlógún. Mo ní èwo ni ti òjò níbẹ̀? Nígbà tẹ́ ẹ lé tiyín, mo lé tèmi, mo gba tiyín.”

Mùstàfá ń ran àpò rẹ̀ lọ. Kò gbójú sókè.

“Báwo lẹ ṣe ń ṣọ́ ọ?” Bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Mi ò ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ń ka orúkọ, èmi ń ka àpò. Owó oúnjẹ kékeré lóṣooṣù, kí ebi má pa ọmọ rẹ̀ bí òjò bá kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò kan nínú mẹ́rin, tirẹ̀ ni.”

“Ṣé kò lè jí nínú rẹ̀?”

“Ó lè jí i, kí ló dé? Ìdí tẹ́ ẹ fi bá mi níbí nìyẹn. Mo lè ṣọ́ ọjọ́ ìkórè. Oṣù mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀, ta ló lè ṣọ́ ọ?”

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Ara Bàbá gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó ti bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wí lójú ẹgbẹ́ wọn rí, kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára nìyí. Ó dojú kọ ọkùnrin tó ń ran àpò.

“Mùstàfá, níwájú àwọn wọ̀nyí ni mo ti pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Níwájú wọn náà ni mo ti ń sọ ọ́: mo ṣẹ̀ ọ́.”

Mùstàfá gé okùn. “Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí jù. Àárọ̀ kùtù ni mo ti jí lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀, èmi náà dẹwọ́. Bí mo ṣe roko tán, bí mi ò ro ó tán, owó kan náà ni. Orí àpáta ló wá di oko mi.”

“Padà wá. Bí Àlájà ṣe ń ṣe é ni n ó ṣe é.”

“Rárá, sà.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rò ó tẹ́lẹ̀. “Ẹ lọ bá Luke sọ ọ́. Ohun tẹ́ ẹ sanwó fún ló ń ṣe fún yín.”

Luke ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà abà nígbà tí wọ́n padà dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ má bínú, mo ti ń lọ.”

“Dìde. Kí ló dé tó fi jẹ́ poro mẹ́fà?”

“Ibẹ̀ ni ojú fóònù mọ, sà. Fọ́tò lẹ máa ń béèrè. Ẹ ò béèrè àgbàdo rí títí di òní.”

Lọ́jọ́ mìíràn, àfojúdi ni Bàbá ìbá pe èyí. Ó gbìyànjú láti bínú, ìbínú náà kò wá. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ àti ìpín fún un, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

“Tí òjò bá kọ̀ ńkọ́?” Luke béèrè.

“A ó wo oko Àlájà. Bí tiwọn bá kú tí tìrẹ kú, mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí tìrẹ nìkan bá kú, ìwọ ni n ó bi.”

Luke ronú díẹ̀, ó wo Bàbá, ó wo igbó tó wà lẹ́yìn poro kẹfà. “Kan nínú mẹ́ta ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́, Dádì. Igbó yìí ti pọ̀.”

“Ta ló sọ ọ́ di igbó?” Inúolúwa bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń retí kí baba rẹ̀ já a sí mẹ́rin, kò sí ẹni tí baba rẹ̀ kì í ná ọjà pẹ̀lú. Bàbá kò ná an. Ó ní, “Kó jẹ́ mẹ́ta,” ó sì yíjú sí ibi tí mọ́tò wà, nítorí ẹ̀rọ Àlájà ti dákẹ́, àwọn lébìrà ń bọ̀ lójú ọ̀nà, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá òun níbẹ̀ kí wọ́n tún fi òun rẹ́rìn-ín.